Ìbéèrè tẹ́ ẹ bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi lórí ìṣirò àìdọ́gba ti olíḿpíádì

Ẹ̀yin ará kílọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ ní ìpàdé tó kọjá ò ju kókó kan lọ: kẹ́ ẹ yéé fo ìṣirò àìdọ́gba tẹ́ ẹ bá ti rí i nínú pépà olíḿpíádì, torí ibi tí apá ọ̀tún àti apá òsì bá ti dọ́gba ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fún yín. Ìbéèrè wá pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, àwọn kan bi mí lójúkojú, àwọn kan kọ ọ́ sórí bébà, ni mo bá kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí, mo sì pa àwọn tó jọra pọ̀.

Ṣé àìdọ́gba tá a ṣe ní kíláàsì náà ni, irú x > 3 yẹn?

Rárá o. Ti kíláàsì, wọ́n á ní kó o wá x tó máa jẹ́ kí nǹkan náà jẹ́ òótọ́. Ti olíḿpíádì, wọ́n ti sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀ pé òótọ́ ni, ní gbogbo ìgbà, fún gbogbo nọ́mbà tí wọ́n dárúkọ, iṣẹ́ tìẹ ni kó o fi hàn pé kò síbi tó ti lè já. Èyí tí mo kọ sórí bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà nìyí, ìbéèrè kejì ní IMO 1995, ìdíje olíḿpíádì ìṣirò ti gbogbo àgbáyé, tí wọ́n ṣe ní Toronto ní Kánádà:

```
a, b, c > 0  àti  abc = 1

1/(a³(b+c)) + 1/(b³(c+a)) + 1/(c³(a+b)) ≥ 3/2
```

Mo mọ̀ pé ojú ẹ̀ burú. Òun gan-an la máa ṣe nísàlẹ̀, títí dé òpin.

Kí ló dé tó jẹ́ àìdọ́gba lẹ ní ká gbájú mọ́, ṣebí jiómẹ́tírì náà wà ńbẹ̀?

Mi ò ní kẹ́ ẹ pa jiómẹ́tírì tì. Ohun tí mo sọ ni pé nínú àìdọ́gba, irinṣẹ́ tó o nílò láti bẹ̀rẹ̀ ò pọ̀ rárá. Tó o bá mọ̀ pé sukúéà nọ́mbà kankan ò lè kéré sí òdo, o ti ní èyí tó tóbi jù nínú wọn, AM-GM àti Cauchy, àìdọ́gba méjì tí gbogbo ayé ń pariwo, inú ibẹ̀ náà ni wọ́n ti jáde. Ẹ sì jẹ́ n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín, kì í ṣe gbogbo ọdún ni àìdọ́gba máa ń jáde ní IMO, ìbéèrè mẹ́fà péré ló wà ńbẹ̀, mẹ́ta lọ́jọ́ kan, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, máàkì 7 fún ìbéèrè kan. Àmọ́ tó bá jáde tó o sì sá fún un, máàkì 7 nínú 42 lo fi sílẹ̀ nílẹ̀ yẹn.

AM-GM yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ bí ẹni tí ò tíì gbọ́ ọ rí.

Ó dáa. Mú nọ́mbà méjì tí ò kéré sí òdo, p àti q. Rò wọ́n pọ̀ kó o pín in sí méjì. Lẹ́yìn náà, fi p lọ́nà q kó o wá rúùtù ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ò ní kéré sí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì láéláé:

```
p + q ≥ 2√(pq)
```

Ẹ̀rí ẹ̀ ò gùn, (√p − √q)² ò lè kéré sí òdo, tú u sílẹ̀ kó o rí i. Wọ́n máa dọ́gba kìkì ìgbà tí p bá dọ́gba pẹ̀lú q, kò sí ìgbà mìíràn. Ẹ di gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn mú dáadáa torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Tó bá jẹ́ nọ́mbà mẹ́ta, p + q + r ≥ 3 lọ́nà kúùbù rúùtù pqr, ìdọ́gba sì ni nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ ní ibi ìdọ́gba ló ń sọ ohun téèyàn máa ṣe. Báwo? Ẹ fi nǹkan kékeré hàn wá.

Ẹ wo èyí. x ò kéré sí 3, kí ni iye tó kéré jù tí x + 1/x lè jẹ́? Ẹni tó ń kánjú á ní AM-GM ni, x + 1/x ≥ 2√1, èsì jẹ́ 2, ó parí. Àmọ́ ìgbà wo ni 2 yẹn máa ń ṣẹlẹ̀? Ìgbà tí x bá dọ́gba pẹ̀lú 1/x, ìyẹn x = 1, wọ́n sì ti ní x ò gbọdọ̀ kéré sí 3. Kò sí irọ́ nínú pé x + 1/x ju 2 lọ o, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kò ní dé 2 láé, torí náà 2 kọ́ ni ìdáhùn.

Ohun tó yẹ kó o ṣe nìyí. Fi ojú inú wò ó, tí x bá ń tóbi sí i, x + 1/x náà ń tóbi, ó dájú pé x = 3 ni ibi tó ti kéré jù. Níbẹ̀, 1/x jẹ́ 1/3. AM-GM sì fẹ́ kí àwọn tó fẹ́ lò dọ́gba níbẹ̀, nítorí náà bá mi wá apá x tó máa jẹ́ 1/3 nígbà tí x jẹ́ 3. x/9 ni. Gé e kúrò lára x:

```
x + 1/x = 8x/9 + (x/9 + 1/x)
        ≥ 8·3/9 + 2√(1/9)
        = 8/3 + 2/3 = 10/3
```

Nígbà tí x = 3, ó jẹ́ 10/3 géérégé. Ẹ rí i pé 9 yẹn ò já bọ́ láti ọ̀run, ibi ìdọ́gba ló bí i.

Ó yá, ti 1995 ńkọ́? Ẹ má fo sítẹ́ẹ̀pù kankan o.

Mi ò ní fò ó. Ohun àkọ́kọ́, wá ibi ìdọ́gba. a, b, c wà nípò kan náà nínú ìbéèrè yẹn, abc sì jẹ́ 1, ẹ jẹ́ ká dán a = b = c = 1 wò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 1/2, mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ 3/2. Ibẹ̀ ti dọ́gba. Ohunkóhun tá a bá ṣe láti ìsinsìnyí lọ, ó gbọ́dọ̀ dọ́gba tí gbogbo lẹ́tà bá jẹ́ 1, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ti ṣìnà nìyẹn.

Ohun kejì, ìsàlẹ̀ ìdá yẹn ò dáa lójú, kúùbù wà níbẹ̀, àròpọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yí i padà: x = 1/a, y = 1/b, z = 1/c. Níwọ̀n ìgbà tí abc jẹ́ 1, xyz náà jẹ́ 1. b + c á di 1/y + 1/z, ìyẹn (y+z)/(yz). a³ á di 1/x³. Kó wọn pọ̀:

```
1/(a³(b+c)) = x³ · yz/(y+z) = x² · (xyz)/(y+z) = x²/(y+z)
```

xyz tó jẹ́ 1 ló pa gbogbo wàhálà yẹn rẹ́. Ìbéèrè wa ti wá di:

```
x²/(y+z) + y²/(z+x) + z²/(x+y) ≥ 3/2,   xyz = 1
```

Ṣé ẹ rí i pé ó ti fúyẹ́? Ohun kẹta, a fẹ́ lé y+z kúrò nísàlẹ̀. AM-GM á ràn wá lọ́wọ́, tá a bá fi nǹkan tó ní y+z lókè kún un, kí y+z méjèèjì lè pa ara wọn:

```
x²/(y+z) + (y+z)/4 ≥ 2√(x²/4) = x
```

Ṣe bẹ́ẹ̀ fún y àti z náà, kó o ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àwọn tá a fi kún un jẹ́ (y+z)/4, (z+x)/4 àti (x+y)/4, àròpọ̀ wọn jẹ́ (x+y+z)/2. Torí náà ohun tá a ń wá ò kéré sí (x+y+z) − (x+y+z)/2, ìyẹn (x+y+z)/2. Ó ku ẹyọ kan: xyz = 1, AM-GM oní mẹ́ta á sọ pé x+y+z ≥ 3. Ìdajì 3 ni 3/2. Ó tán.

Ibo ni 4 yẹn ti wá? Kí ló dé tí kì í ṣe 2 tàbí 5?

Ìbéèrè tó dáa jù tẹ́nikẹ́ni bi mí lọ́jọ́ náà nìyí. Padà sí ibi ìdọ́gba, x = y = z = 1. Níbẹ̀ x²/(y+z) jẹ́ 1/2. AM-GM fẹ́ kí ìkejì ẹ̀ náà jẹ́ 1/2. y+z jẹ́ 2, kí lo máa fi pín 2 kó tó di 1/2? 4. Ó parí.

Ká ní o fi 2 ṣe é, o máa rí x²/(y+z) + (y+z)/2 ≥ x√2, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n tó o bá ro wọ́n pọ̀ tó o yọ èyí tó o fi kún un, o máa rí (√2 − 1)(x+y+z), ìyẹn bíi 0.414 lọ́nà 3, tó jẹ́ 1.24. Wọ́n ní 1.5, ìwọ mú 1.24 wá. Gbogbo ìlà tó o kọ tọ̀nà, àmọ́ o ò débẹ̀. Bó o ṣe máa mọ̀ pé ibi ìdọ́gba lo ti pàdánù nìyẹn: tí iṣẹ́ ẹ bá tọ̀nà tí nọ́mbà tó o rí ò sì tó, padà lọ fi 1 sí gbogbo lẹ́tà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ìlà tí ọ̀tún àti òsì ò bá ti dọ́gba, ibẹ̀ ló ti ń jò.

Ẹni tó bá mọ Cauchy lè ṣe é ní ìlà kan, torí àròpọ̀ yẹn ò kéré sí (x+y+z)² pín sí 2(x+y+z). Ó kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọ̀nà 4 yẹn ṣe é ná.

Èmi lo AM-GM fún ìdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, kò yọrí sí ibì kankan. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

O ò ṣe nǹkan tí ò dáa, ọ̀nà yẹn gan-an ni ò já síbì kankan, ẹ jẹ́ ká wo ìdí ẹ̀. Tó o bá lò ó báyìí lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, abc á pa ara ẹ̀, ohun tó máa ṣẹ́ kù ni 3 pín sí kúùbù rúùtù (a+b)(b+c)(c+a). O wá fẹ́ kí ìyẹn má kéré sí 3/2, ìyẹn ni pé kí (a+b)(b+c)(c+a) má ju 8 lọ. Àmọ́ òdì kejì ni òótọ́! AM-GM fúnra ẹ̀ sọ pé kò kéré sí 8 nígbà tí abc = 1.

Fi nọ́mbà sí i: a = 2, b = 2, c = 1/4. (a+b)(b+c)(c+a) jẹ́ 4 × 2.25 × 2.25 = 20.25, kúùbù rúùtù ẹ̀ tó 2.73, èsì wa já sí nǹkan bíi 1.10. Ohun tí ìbéèrè yẹn jẹ́ gan-an níbẹ̀ ni 16.11. Ẹ wo bó ṣe jìn síra! Ọ̀nà yẹn dọ́gba ní 1, 1, 1 dáadáa, kò ṣẹ̀ sí òfin tí mo fún yín, síbẹ̀ ó kú. Ìyẹn ni pé kéèyàn ṣọ́ ibi ìdọ́gba máa ń yọ àwọn ọ̀nà burúkú kúrò, kò ní kí gbogbo èyí tó kù dáa. Nítorí náà kó o tó fi odindi wákàtí kan lé ọ̀nà kan, mú nọ́mbà kan tó jìnnà sí ibi ìdọ́gba, fi dán an wò. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ṣé ibi tí gbogbo lẹ́tà ti jẹ́ ọ̀kan náà ni ìdọ́gba máa ń wà nígbà gbogbo?

Háà, rárá! Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. IMO 1999, Bucharest ní Ròmáníà, ìbéèrè kejì. Wọ́n ní x₁ títí dé xₙ ò kéré sí òdo, wá C tó kéré jù tí èyí máa fi jẹ́ òótọ́ nígbà gbogbo, níbi tí àròpọ̀ apá òsì ti kan méjì-méjì gbogbo wọn:

```
Σ xᵢxⱼ(xᵢ² + xⱼ²) ≤ C (x₁ + … + xₙ)⁴
```

Ká ní mẹ́ta ni wọ́n, ká jẹ́ kí àròpọ̀ wọn jẹ́ 1. Tí gbogbo wọn bá jẹ́ 1/3, méjì kọ̀ọ̀kan á mú 1/9 × 2/9 wá, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 6/81, nǹkan bíi 0.074. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kánjú á ti kọ ìyẹn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Wàyí o, sọ ọ̀kan di òdo, kí méjì tó kù jẹ́ 1/2, 1/2: 1/4 × 1/2 = 1/8, ìyẹn 0.125. Ó ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. C ò lè kéré sí 1/8 nìyẹn.

Ẹ wá wo bí ibi ìdọ́gba yẹn ṣe darí ẹ̀rí náà. Ẹ jẹ́ ká pe àròpọ̀ gbogbo sukúéà ní S, ká pe àròpọ̀ gbogbo xᵢxⱼ ní P. xᵢ² + xⱼ² ò lè ju S lọ, torí àwọn tó kù ò lè kéré sí òdo, ó sì dọ́gba nígbà tí àwọn tó kù bá jẹ́ òdo, bó ṣe wà níbi ìdọ́gba wa gan-an. Torí náà apá òsì ò ju S·P lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni S + 2P jẹ́ sukúéà gbogbo àròpọ̀ yẹn. AM-GM lórí S àti 2P:

```
(S + 2P)² ≥ 4·S·2P = 8SP
```

SP ò wá ju 1/8 lọ́nà (x₁ + … + xₙ)⁴ lọ, C = 1/8. Ẹni tó bá ti rò pé ibi 1/3, 1/3, 1/3 ni, kò ní ronú láé láti sọ xᵢ² + xⱼ² di S, torí níbẹ̀ ìgbésẹ̀ yẹn ń pàdánù púpọ̀. Kẹ́ ẹ máa dán òdo wò tí wọ́n bá gbà á láàyè, kẹ́ ẹ sì dán ọ̀kan tóbi tí àwọn tó kù kéré wò.

Ṣé mi ò kàn lè fẹ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kí n kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?

Nígbà míì, ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ti 1995 yẹn ò ní rọrùn bẹ́ẹ̀, torí iye lẹ́tà tó wà lókè ò ní bá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba, o máa ní láti máa fi abc = 1 mú wọn dọ́gba, pépà á sì kún. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é tó bá mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́.

Kí ló máa ń gba máàkì lọ́wọ́ èèyàn?

Nǹkan méjì ni mo ń rí jù nínú iṣẹ́ yín. Àkọ́kọ́, bíbẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ní kó o dé. Wàá kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ bíi pé o ti fi hàn, wàá máa tún un ṣe títí wàá fi dé 0 ≤ (a−b)², wàá sì fa ìlà. Ẹni tó ń máàkì ò mọ̀ bóyá o lè padà gòkè láti ìsàlẹ̀. Tí gbogbo ìlà bá ṣeé padà, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣeé padà, tàbí kó o kúkú kọ ọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìyẹn gan-an ló dáa jù.

Èkejì ni kéèyàn máa yọ àìdọ́gba kúrò nínú àìdọ́gba. O lè ro méjì tó kọjú sápá kan náà pọ̀, ṣùgbọ́n o ò lè yọ wọ́n. 5 ≥ 4 jẹ́ òótọ́, 3 ≥ 1 jẹ́ òótọ́, yọ wọ́n kó o rí i: 2 ≥ 3. Tí lẹ́tà bá pọ̀, irú ẹ̀ máa ń fara pamọ́ dáadáa ni. Bákan náà ni kéèyàn fi nǹkan pín apá méjèèjì láì sọ pé ó ju òdo lọ.

Kí ẹ sì mọ̀ o, fífi a = b = c = 1 sí i kó dọ́gba kì í ṣe ẹ̀rí. Atọ́nà ni fún ìwọ tó ò ń ṣe é, ẹni tó ń máàkì ò ní fún ẹ ní nǹkan gidi torí ẹ̀.

Èwo la máa ṣe wá sí ìpàdé tó ń bọ̀?

Méjì péré. Ti àkọ́kọ́ ni ti Nesbitt, láti 1903, a, b, c ju òdo lọ:

```
a/(b+c) + b/(c+a) + c/(a+b) ≥ 3/2
```

Ẹ fi 1 kún ìdá kọ̀ọ̀kan ná, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa wà lókè gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ẹ sílẹ̀ náà lè fẹ́ ẹ, tirẹ̀ á já sí 2(a³+b³+c³) lápá kan, kó rántí pé a³ + b³ − a²b − ab² jẹ́ (a+b)(a−b)².

Èkejì: x ju òdo lọ, wá iye tó kéré jù fún x² + 16/x. Ẹ má fi kálíkúlọ́ọ̀sì ṣe é o jàre. Tẹ́ ẹ bá lo AM-GM lórí méjèèjì bí wọ́n ṣe wà, x á ṣì kù lábẹ́ rúùtù, kò ní yọrí. Ẹ ronú sí bẹ́ ẹ ṣe máa gé 16/x kí x lè pa ara ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ x tó ti dọ́gba sí ìlà àkọ́kọ́ nínú pépà yín, torí òun ni mo máa kọ́kọ́ wò.